Nọ́ọ̀tì Wọlé, Síbẹ̀ Mọ́tò Ń Gbọ̀n

Ẹni tó bá ti lọ ra rímù tokunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin rí mọ ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi èèyàn: oníhò mélòó ni? Bó bá ní oníhò márùn-ún, wọn á gbé oníhò márùn-ún jáde, wọn á gbé e lé ẹsẹ̀ mọ́tò, bóòtù márààrún á yọrí wẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì á wọlé, owó á sì kúrò lápò. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ẹnikẹ́ni ò ní rí àléébù kankan. Àfi ọjọ́ tí mọ́tò náà bá wọ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí awakọ̀ tẹ iná mọ́ ọn dé kìlómítà 90 ní wákàtí, ni sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìnáwó ló máa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé táyà lọ síbi báláǹsì, ẹ̀rọ kọ òdo sọ́tùn-ún, ó kọ òdo sósì, ìyẹn ni pé kò sí ìṣòro. Wọ́n pààrọ̀ táyà, wọ́n ṣe aláìnmẹ́ǹtì, mẹkáníìkì kan ní bọ́ọ̀lù jọ́ìnì ló kú, wọ́n ra tuntun, gbígbọ̀n náà ò lọ. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí wọ́n yọ dànù yẹn má ní àrùn kankan lára. Ihò tó wà ní àárín gbùngbùn rímù, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n nígbà tí wọ́n ń nájà, ló tóbi jù fún mọ́tò tí wọ́n gbé e sí.

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò méjì tó pọ̀ lójú títì wa. Ọ̀kan ni Tóyótà Kámírì ọdún 2007, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Mọ́sù. Èkejì ni Họ́ńdà Akọ́ọ̀dù ọdún 2008. Rímù Akọ́ọ̀dù yìí wu ọ̀pọ̀ onímọ́tò Kámírì, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n dìídì ṣe é fún wọn ni. Bóòtù márùn-ún ni àwọn méjèèjì ní. Bí ẹ bá fa òbìrí kan gba àárín bóòtù márààrún yẹn kọjá, fífẹ̀ òbìrí náà jẹ́ mìlímítà 114.3 lára Kámírì, ó sì jẹ́ 114.3 lára Akọ́ọ̀dù. Bóòtù àwọn méjèèjì nípọn ní mìlímítà 12, eyín wọn sì bára mu débi pé nọ́ọ̀tì Họ́ńdà á wọ bóòtù Tóyótà láìjà. Ẹni tó ń ta rímù ò purọ́ nígbà tó sọ pé ó wọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ihò àárín: ti rímù Kámírì jẹ́ mìlímítà 60.1, ti Akọ́ọ̀dù sì jẹ́ 64.1.

Kí mìlímítà mẹ́rin yìí tó lè yé wa, ó yẹ ká wo ibi tí rímù ń jókòó lé. Bí wọ́n bá yọ táyà Kámírì kúrò, ohun tó kù ni dísíìkì bíréèkì, bóòtù márùn-ún tó nà síta, àti irin roboto kan tó yọ ètè jáde láàárín wọn. Ètè họ́ọ̀bù nìyẹn. Ojú ìlà kan náà ni wọ́n ti gé e pẹ̀lú bèárìn tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí, nítorí náà àárín ètè yìí ni àárín yíyípo ẹsẹ̀ mọ́tò. Bí ẹ bá gbé rímù tó bá Kámírì wá láti ilé-iṣẹ́ sí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó há mọ́ ètè yẹn, ó sì dúró síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Ẹ gbé rímù Akọ́ọ̀dù sí ibẹ̀ kan náà, kò ní há. Mìlímítà méjì ni àlàfo tó yí ètè náà ká, rímù sì rọ̀ sílẹ̀ lórí bóòtù, torí ihò tí bóòtù ń gbà kọjá tóbi ju bóòtù fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀. Bó ṣe rọ̀ sílẹ̀ yẹn, àárín rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ àárín họ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ méjì ni ohun tó di rímù mọ́ mọ́tò ń ṣe, a sì sábà máa ń kà wọ́n sí ọ̀kan. Èkíní ni kí rímù má yọ. Nọ́ọ̀tì ló ń ṣe ìyẹn: ó ń tẹ ẹ̀yìn rímù mọ́ ojú họ́ọ̀bù débi pé irin méjèèjì gan ara wọn pa, ìganpa yẹn gan-an ló sì ń gbé ìwúwo mọ́tò. Èkejì ni kí rímù wà láàárín. Ètè họ́ọ̀bù ni wọ́n fi ṣe ìyẹn lára ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, Kámírì sì wà lára wọn. Rímù lè dì pinpin kó má sì wà láàárín.

Àwọn kan á sọ pé nọ́ọ̀tì náà lè gbé rímù sáàárín, wọn ò sì parọ́. Nọ́ọ̀tì onímú ṣóńṣó, tó bá bọ́ sínú ihò tí wọ́n gé ní ṣóńṣó bákan náà, á máa ti rímù lọ sí àárín bí wọ́n ṣe ń dì í. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sáré láìgbọ̀n. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ dì í. Táyà gbọ́dọ̀ wà lókè lórí jáàkì, kí wọ́n fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, kí wọ́n wá máa dì wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí títì yàtọ̀. Sípánà afẹ́fẹ́ á gbá nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ dì tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí rímù ṣì rọ̀ sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀yìn rímù ti gan mọ́ họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó kù ò sì ní agbára láti sún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ Kámírì àti rímù Akọ́ọ̀dù tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀tì tó bá rímù àlọ́ì Kámírì wá ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹrẹsẹ; ojú ibi tó ń tẹ̀ mọ́ rímù tẹ́jú, kò sì lè ti nǹkan kan sáàárín. Rímù Họ́ńdà, ní tirẹ̀, ihò tó kó roboto bí inú ìgbá ni wọ́n gé fún nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì onímú roboto ló sì yẹ kó jókòó síbẹ̀. Wáṣà pẹrẹsẹ lórí ihò roboto ò rí ibi gidi tẹ̀ mọ́. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n, nítorí irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ lè tú lójú ọ̀nà. Onímú ṣóńṣó náà ò ní bá ihò roboto mu, torí orí ìlà tín-ín-rín kan ló máa tẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé rímù Akọ́ọ̀dù sí Kámírì gbọ́dọ̀ ra nọ́ọ̀tì Họ́ńdà mọ́ rímù náà. Èmi ò rí ibi tí èèyàn lè gbà yẹ èyí.

Àwọn tó ń ṣiyèméjì máa ń béèrè pé kí ni ìdajì mìlímítà lè ṣe fún odindi mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní rímù àti táyà orí rẹ̀ wúwo tó 20 kílò, tó sì fi ìdajì mìlímítà yà kúrò ní àárín. Gbogbo 20 kílò yẹn ló ń yí pẹ̀lú ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré náà. Kí òjé tó lè dá irú ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ létí rímù oní-íńṣì 17, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 46 gíráàmù. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe báláǹsì mọ̀ pé òjé tó tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí wọ́n máa ń wá gíráàmù 5 àti 10 kiri. Ní kìlómítà 100 ní wákàtí, táyà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tó bá sì yí, ó ń fa họ́ọ̀bù pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ ìwúwo kílò méje ààbọ̀. Agbára yìí ò tẹ̀ lé eré ní ìdọ́gba. Bí eré bá dín sí ìdajì, tó di kìlómítà 50, agbára náà á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kò ní tó kílò méjì. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń jẹ́jẹ́ nínú ìlú tó sì ń gbọ̀n lójú títì márosẹ̀. Òkòtó ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bọ́ sáàárín máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: bí wọ́n bá ta á lágbára ni ìtàgìrì rẹ̀ máa ń hàn jù.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ báláǹsì kò rí i? Ẹ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń di rímù mú. Irin onígun ṣóńṣó kan ló máa ń gba inú ihò àárín kọjá, tí wọ́n á fi dè é. Yálà ihò náà jẹ́ 60.1 tàbí 64.1, irin ṣóńṣó yẹn á wọ inú rẹ̀ títí yóò fi kún un, rímù á sì wà láàárín gbùngbùn ẹ̀rọ. Òdo tí ẹ̀rọ kọ jẹ́ òtítọ́ nípa rímù nígbà tó ń yí lórí àárín ara rẹ̀. Lára mọ́tò, kò yí lórí àárín ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń ṣe báláǹsì ò ṣe àṣìṣe, ẹ má ṣe bá a jà.

Òjé tilẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ká ní ẹnì kan rí ọgbọ́n lẹ òjé mọ́ rímù tó yà náà nígbà tó wà lára mọ́tò, tó fi dá ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Táyà náà ṣì ń yí bí ẹyin lójú ọ̀nà, nítorí pé láti àárín họ́ọ̀bù sí ilẹ̀ gùn nígbà kan, ó sì kúrú nígbà míì. Ìdajì mìlímítà ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí pé imú mọ́tò ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní odindi mìlímítà kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Òjé kò lè sọ ìyẹn di pẹrẹsẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ dá rímù padà sáàárín.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n kí ẹ tó náwó. Bó bá jẹ́ táyà iwájú, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí sítíárìn. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, ìjókòó ló máa gbọ̀n. Àmì tí mo fọkàn tán jù ni pé gbígbọ̀n náà máa ń yí padà nígbàkígbà tí wọ́n bá tú táyà tí wọ́n sì dá a padà. Lánàá ó le, lónìí lẹ́yìn tí fọ́kánáísà lẹ táyà tán, ó rọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó tún le. Rímù tó wọ́ tàbí táyà tó wú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí lánàá ló máa rí lónìí. Ẹ tún lè fojú rí i. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ ti gbé òkúta sẹ́yìn àwọn tó kù, kí ẹ sì fi jáàkì tó ń dúró gbọn-in há abẹ́ mọ́tò. Ẹ ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rímù, kí ẹ wá rọra fọwọ́ yí táyà. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀, tó ń dín, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kan, rímù ò sí láàárín. Bó bá ṣe pé ojú kan péré ló ti ṣàdédé fò, ibẹ̀ ni rímù ti wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòtò ojú ọ̀nà ló ṣe é.

Ibi tí ríǹgì ti wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí. Ríǹgì àárín họ́ọ̀bù jẹ́ òrùka pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ike líle tàbí àlùmíníọ́mù ṣe, tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ihò rímù mu, tí inú rẹ̀ sì bá ètè họ́ọ̀bù mu. Fún ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 64.1, inú rẹ̀ 60.1, ara rẹ̀ á sì nípọn ní mìlímítà méjì. Àwọn rímù tuntun tí wọ́n ń ṣe láti bá onírúurú mọ́tò mu máa ń ní ihò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, 73.1 ló wọ́pọ̀, kí rímù kan ṣoṣo lè wọ Tóyótà àti Họ́ńdà. Lórí Kámírì, ríǹgì ti irú rímù yẹn á nípọn ní mìlímítà mẹ́fà ààbọ̀. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà méjèèjì sára rẹ̀. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fi kálípà wọn ihò rímù, ẹ fi wọn ètè họ́ọ̀bù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin há ìpẹtà kúrò lára rẹ̀, torí ìpẹtà lè pa ìdajì mìlímítà mọ́ ọn yín lójú, iye tí à ń bá jà náà sì nìyẹn.

Ríǹgì tó dára máa ń há sínú rímù bí ẹ bá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, kò sì gbọ́dọ̀ já bọ́ nígbà tí ẹ bá gbé rímù dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, gbígbé rímù sí họ́ọ̀bù á padà rí bí ti ilé-iṣẹ́: á há, á dúró. Ẹ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì márààrún wọlé, ẹ fi sípánà dì wọ́n níwọ̀nba láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, kí ẹ wá fi sípánà tọ́ọ̀kì dì wọ́n parí. Iye tí Tóyótà fọwọ́ sí fún Kámírì ni níútìn-mítà 103. Sípánà afẹ́fẹ́ tí wọn ò sé agbára rẹ̀ máa ń kọjá iye yẹn fíìfíì, ó sì ń na bóòtù. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100, ẹ dá sípánà tọ́ọ̀kì padà sí wọn.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí lórí bóyá ike lágbára tó. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà ṣìnà, nítorí ríǹgì kì í gbé ìwúwo mọ́tò. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ti dì tán, ìganpa rímù àti họ́ọ̀bù ló ń gbé e, ríǹgì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán nígbà ìgbékalẹ̀. Ike ò ní pẹtà, àmọ́ ooru bíréèkì tó pọ̀ lè jẹ́ kó rọ̀, ó sì lè fọ́ bí wọ́n bá fi òòlù lù ú. Àlùmíníọ́mù ò bẹ̀rù ooru, ṣùgbọ́n ó lè lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù onírin pinpin bí òjò bá ti pa á fún oṣù mélòó kan. Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lára, kí gíríìsì má sì kan bóòtù tàbí ojú dísíìkì. Fún mọ́tò tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀, èmi á mú ike.

Ríǹgì ò lè wo rímù tó wọ́ sàn, kò sì lè tún rímù tí òbìrí bóòtù rẹ̀ yàtọ̀ ṣe. Rímù oní-112 wà lọ́jà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bóòtù oní-114.3 mu, mìlímítà 2.3 ló yà wọ́n, wọ́n sì lè fi agbára fà á wọlé. Gbogbo nọ́ọ̀tì ibẹ̀ á jókòó ní wíwọ́. Ẹ má gbé irú rẹ̀ sí mọ́tò rárá. Bákan náà, bí onímọ́tò Akọ́ọ̀dù bá fẹ́ rímù Kámírì, ihò 60.1 ò lè gba ètè 64.1. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ìlọrin fẹ ihò náà. Ọwọ́ lásán ò lè gé òbìrí tó wà láàárín gan-an, nítorí náà ẹ̀rọ tọ́ọ̀nà nìkan ló lè ṣe é. Ẹ wá rímù míì.

Ó ku ohun kan tí ẹni tó ti fi ríǹgì sí mọ́tò gbọ́dọ̀ sọ fún fọ́kánáísà rẹ̀, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wa mọ́tò náà. Táyà àfikún inú búùtù Kámírì ṣì ní ihò 60.1. Bí táyà bá jò lóru ní ẹ̀bá Ṣàgámù, tí ẹ yọ rímù Akọ́ọ̀dù kúrò, ríǹgì lè ṣẹ́kù sórí ètè họ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹ rí i nínú òkùnkùn. Táyà àfikún ò ní lè wọlé tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní kan họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì á sì dà bíi pé ó ti dì. Ẹ fọwọ́ wá ríǹgì náà kí ẹ yọ ọ́ ná, kí ẹ fi sínú búùtù níbi tí kò ti ní sọnù. Nọ́ọ̀tì Tóyótà tó bá mọ́tò wá ni kí ẹ fi di táyà àfikún náà, torí náà ẹ má ṣe tà wọ́n mọ́ rímù àtijọ́.